Ẹ kọ àdéhùn orí fóònù ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe adìrẹ n'Ítòkú ni ò jẹ́ kí n sùn. Màdáàmù kan pè é láti Èkó, ó fẹ́ ìdì adìrẹ 40 fún ìgbéyàwó, yáàdì márùn-ún márùn-ún. Ọmọ wa ní 9,000 náírà ni ìdì kan, màdáàmù ní ó dáa, ó fi 150,000 ránṣẹ́. Ìgbà tí ọjà pé, màdáàmù ní 7,500 làwọn jọ sọ. 60,000 náírà ló di ìjà yẹn o! Ta ló purọ́? Ó lè má sí ẹni tó purọ́ rárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìyá yẹn sì wà nínú mọ́tò.

Kí ló dé tí kò kọ ọ́? Ó ní màdáàmù á rò pé òun ò fọkàn tán an. Ẹ gbà mí! Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ ní 1987, tí mo ń ránṣọ ní Láfẹ́nwá. Ọ̀gá ilé ìwé kan gbé yúnífọ́ọ̀mù fún mi, ẹnu la fi sọ ọ́, èèyàn dáadáa ni. Wọ́n gbé ọ̀gá náà lọ síbòmíì, ọ̀gá tuntun dé, ó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Irọ́ kọ́ ló pa, kò mọ̀ lóòótọ́. Ìwé ì bá bá mi sọ̀rọ̀, ì bá bá òun náà sọ ọ́.

Gbàrà tẹ́ ẹ bá ti gbé fóònù sílẹ̀, irú èyí ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bá a ṣe sọ ọ́ lónìí: adìrẹ ìdì 40, yáàdì 5 nínú ìdì kan, 9,000 ìdì kan, gbogbo ẹ̀ 360,000. Ẹ ti san 150,000, ó ku 210,000 kí ọjà tó kúrò n'Ítòkú. Á ṣe tán ní Fráídè, ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá. Ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀. Tí ibì kan ò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ sọ fún mi, tó bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ dá mi lóhùn kí n tó ra aṣọ funfun."

Ẹ ṣáà má kọ "Fráídè tó ń bọ̀", Fráídè wo? Tí wọ́n bá kà á tí wọn ò dáhùn, ẹ má pe ìyẹn ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pè wọ́n, ẹ má tíì ná kọ́bọ̀. Tí iye bá yí lẹ́yìn náà, ẹ kọ tuntun ránṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́. Àwọn kan sì ti ṣe Wáásáàpù wọn kó máa pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ jàre, kí ló máa wá kù láti fi hàn? Ti ilẹ̀ rírà yàtọ̀ o, ìyẹn ti lọ́yà ni.

Ìjà adìrẹ yẹn ńkọ́? 330,000 ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Láàárọ̀ yìí ọmọ yẹn tún gba iṣẹ́ míì lórí fóònù, mo ní ṣó ti kọ ọ́ ránṣẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n jẹun ná."