Epìyà Tó Ń Rùn: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi ní Oǹdó

Àkúrẹ́

Akin ọmọ mi,

Mo ti ro ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù. O ní o rẹ epìyà mẹ́ta sínú fínígà láti àárọ̀ títí di alẹ́, síbẹ̀ nígbà tí o gbé wọn sórí èédú, òórùn ẹja gba gbogbo àgbàlá, ẹran ara wọn sì ń já mọ́ irin. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun kíkan máa ń ṣe ẹja tútù bí ẹni pé iná ti kàn án. Bó bá pẹ́ nínú rẹ̀, ara rẹ̀ á funfun, á sì máa fọ́. Òórùn tí o ń lé kò sì sí lára níta. Inú ló wà.

Àwọn tó ń bá wa ha ìpẹ́ lọ́jà máa ń kánjú, torí oníbàárà mìíràn ń dúró. Wọ́n á fa ìfun jáde, ó parí. Nígbà tí o bá délé, ṣí ìdérí etí ẹja náà, kí o fi ọ̀bẹ gé ohun pupa tó fi ń mí níbẹ̀ kúrò pátápátá, torí ẹ̀jẹ̀ ló kún un, òun ló sì ń tètè rùn jù. Lẹ́yìn ìyẹn, la ikùn rẹ̀ dáadáa. Wàá rí awọ dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ inú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi í sílẹ̀. Fi aṣọ tí kò yọ̀ bò ó, kí o fà á, á ṣí. Lábẹ́ egungun ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ dúdú kan wà tó tò gbọọrọ. Fi èékánná tàbí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí o kò lò mọ́ ha á lábẹ́ omi tó ń ṣàn, títí omi náà á fi mọ́. Bí òróòro bá bẹ́ lọ́wọ́ rẹ, gé ibi tó ti kàn kúrò, torí kíkorò ni yóò máa korò.

Ìgbà yìí ló kan iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́. Fún ẹja mẹ́ta bíi tìrẹ, fi iyọ̀ ṣíbí ọbẹ̀ kan ra wọ́n nínú àti lóde, kí omi ara tó ń yọ̀ lè bọ́, lẹ́yìn náà ṣan án. Wá fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sí i, fi omi díẹ̀ là á, kí ẹja wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ohun tó ń mú ẹja rùn kì í fẹ́ràn ohun kíkan. Ohun kíkan máa ń dì í mú, kò ní lè fò dé imú. Bí o kò bá rí ọsàn, fínígà ṣíbí méjì nínú omi ife mẹ́ta ti tó. Má ṣe lo omi gbígbóná, awọ rẹ̀ á bó.

Ṣan án lẹ́ẹ̀kan, fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ títí kan ikùn. Ẹja tó tutù á máa ta epo, á sì máa lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ agbada. Ata ilẹ̀, aáyù àti kọ́rì, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ti gbẹ ni kí o fi wọ́n pa á. Bí o bá máa sun ún, fi ọ̀bẹ là á ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ata lè wọnú.

Àmọ́ gbọ́ èyí o. Òórùn ẹrẹ̀ yàtọ̀. Epìyà inú kòtò ọ̀sìn ẹja tí omi rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé máa ń mú òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Àwọn ohun tín-tìn-tín inú omi ló ń ṣe é, ó sì ń gba ibi tí ẹja fi ń mí wọ inú ọ̀rá rẹ̀. Ọsàn lè dín in kù, kò lè mú un tán. Kí o tó ra púpọ̀ lọ́wọ́ oníkòtò, ra ẹyọ kan, gé ìrù rẹ̀, sè é láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i, kí o gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó bá ń hó. Bó bá ń rùn bí ẹrẹ̀, sọ fún un kó kó wọn sínú omi mímọ́ tó ń yí padà fún ọjọ́ mélòó kan láìfún wọn lóúnjẹ, kó tó pa wọ́n fún ọ. Oníkòtò tó mọṣẹ́ kò ní bínú.

Èyí tí wọ́n gbé ti Igbókọ̀dá wá, wo ojú rẹ̀ dáadáa, ọ̀nà jìn. Bó bá ti jìn wọlé, tí abẹ́ etí rẹ̀ ti pọ́n dúdú, tí o tẹ ẹran rẹ̀ tí kò padà sókè, fi sílẹ̀ fún wọn. Kò sí ọsàn tó lè tún un ṣe.

Mo di ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ẹrù tí àbúrò rẹ ń gbé bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Tú wọn kúrò nínú ọ̀rá kó tó di pé wọ́n bu.

Èmi ni,
Màmá rẹ