Ta ló yá oníwèé ìròyìn lówó?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka àlàyé tí ẹ ṣe lórí bí òǹkàwé ṣe lè mọ ẹni tó ni ìwé ìròyìn tó ń kà tàbí báǹkì tó ń fowó sí. Ẹ ní ká lọ wo orúkọ ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ jù, pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Mi ò fara mọ́ ọn. Onípìn-ín ni òfin kà sí ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí onípìn-ín jẹ lówó lè lágbára jù ú lọ, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí nínú ìwé tí ẹ ní ká yẹ̀ wò.

Ẹ wo Daily Telegraph ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 2004, àwọn ìbejì kan, David àti Frederick Barclay, ra ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ní mílíọ̀nù 665 pọ́n-ùn. Fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn náà, bí ẹ bá bi òǹkàwé rẹ̀ pé ta ló ni ín, Barclay ni yóò sọ, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹfà 2023, ara báǹkì Lloyds kò gbà á mọ́ lórí gbèsè tí ìdílé náà jẹ ẹ́ láti ọdún gbọọrọ, tó ti lé ní bílíọ̀nù kan pọ́n-ùn pẹ̀lú èlé. Báǹkì yan àwọn tí yóò gba ohun tí wọ́n fi dógò, wọ́n yọ àwọn ọmọ Barclay kúrò nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, wọ́n sì ní àwọn yóò tà á. Báǹkì náà kò ra ìpín kan ṣoṣo. Ìwé ẹ̀yáwó nìkan ló ní lọ́wọ́.

Ṣé òǹkàwé lè rí irú èyí kó tó ṣẹlẹ̀? Ó lè rí apá kan. Ohun àkọ́kọ́ ni kéèyàn wá orúkọ tí ilé-iṣẹ́ náà fi forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, torí orúkọ tó wà lójú ìwé ìròyìn kì í sábà jẹ́ òun. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ìkẹyìn ló máa ń wà, tàbí ìsàlẹ̀ ìkànnì wọn, ní lẹ́tà wínníwínní. Ti Telegraph ni Telegraph Media Group Limited. Ẹ tẹ orúkọ yẹn sórí ìkànnì Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í gba kọ́bọ̀.

Lábẹ́ "People" ni wọ́n ti ń kọ "Persons with significant control", ìyẹn àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Láti 2016 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan. Ẹni tó bá ní ju ìdá 25 nínú 100 ìpín tàbí ìbò lọ ló wà fún, nítorí náà bí ènìyàn márùn-ún bá ní ìdá 20 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn má jáde. (Nàìjíríà le ju bẹ́ẹ̀ lọ ní tiwọn: ìdá 5 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n.) Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn lẹ óò bá níbẹ̀ dípò orúkọ ènìyàn. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa gòkè lọ. Bí ojú ọ̀nà bá dí, ẹ ṣí ìṣirò owó ọdọọdún tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí ẹ lọ tààrà sí àlàyé tó gbẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ "ultimate controlling party". Èmi kì í ka ojú ìwé tó ṣáájú rẹ̀ rárá.

Ibi tó ṣe pàtàkì jù, tí ẹ kò mẹ́nu bà, ni "Charges". Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ẹni tí ilé-iṣẹ́ fi dúkìá dógò lọ́dọ̀ rẹ̀ sí. Ọjọ́ 21 ni òfin fún wọn láti fi í sílẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tọwọ́ bọ̀wé. Bí ẹ bá rí "Outstanding", gbèsè ṣì wà lọ́rùn. "Satisfied" ni pé wọ́n ti san án. Wọn kì í sábà kọ iye owó, ẹ̀yáwó tí kò sì ní ohun ìdógò kì í jáde níbẹ̀ rárá. Nínú ọ̀rọ̀ Telegraph pàápàá, òkè lọ́hùn-ún ni okùn ti já: B.UK Limited, ilé-iṣẹ́ ìdílé Barclay tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bermuda, ni Lloyds gbá mú. Ẹni tó bá ka ojú ewé Telegraph Media Group nìkan kò ní rí gbogbo rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e tún jọ èyí. Ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n san gbèsè náà fún Lloyds. RedBird IMI, ilé-iṣẹ́ tó ń fowó dókòwò, ló gbé owó sílẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ sì wá láti Abu Dhabi. Ẹ̀yáwó tún ni, pẹ̀lú àdéhùn pé ó lè di ìpín. Kí ìpín tó yí padà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti dá ọ̀rọ̀ náà dúró. Ní 2024, wọ́n kéde pé àwọn yóò ṣòfin pé ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kò gbọdọ̀ ni ìwé ìròyìn wọn, ni RedBird IMI bá ní òun ti yọwọ́, òfin náà sì jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Kí ló wá kan òǹkàwé nínú gbogbo èyí? Ní oṣù Kejì 2015, Peter Oborne, ọ̀gá nínú àwọn tó ń kọ̀wé lórí òṣèlú ní Telegraph, kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó ní ìwé ìròyìn náà ń fọwọ́ bo ìròyìn tí kò dára nípa báǹkì HSBC kí ìpolówó ọjà má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Telegraph ní irọ́ ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìwé ìròyìn Guardian gbé e jáde pé HSBC ti yá Yodel, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tí ìdílé Barclay ní nígbà náà, ní mílíọ̀nù 250 pọ́n-ùn. Mi ò sọ pé ẹ̀yáwó yẹn ló di ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìròyìn báǹkì náà nínú Telegraph láàárọ̀ yẹ kó ti mọ̀ pé báǹkì ọ̀hún ń bá ẹni tó ni ìwé náà dòwò pọ̀ níbòmíràn. Ìyàtọ̀ wà láàárín ká ka ìyìn tí a mọ orísun rẹ̀ àti ká ka èyí tí a kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má wo ilé-iṣẹ́ ìròyìn nìkan, ká wo òwò yòókù tí ẹni tó ni ín ń ṣe.

Lórí báǹkì, ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní. Bí ẹ bá ṣí ìwé ọdọọdún rẹ̀ tí ẹ rí "Nominees" lẹ́yìn orúkọ onípìn-ín ńlá kan, ẹ má kọ ọ́ síwèé pé òun ló ni báǹkì. Ó kàn ń bá ẹlòmíràn di ìpín mú ni.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ tẹ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tiyín fi forúkọ sílẹ̀ sí ojú ìwé ìkẹyìn, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, orúkọ ènìyàn gan-an, kí báǹkì tí ẹ fi nǹkan dógò lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ní ìròyìn nípa báǹkì yẹn, ẹ fi gbólóhùn kan sọ fún wa lábẹ́ ìròyìn náà pé ẹ jẹ ẹ́ lówó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín