Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì: àlàfo tó wà láàárín etí àti bẹ́ẹ̀dì

Ìjẹ̀bú-Òde

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

O kú otútù Kánádà o. Ṣé àwọn ìbejì wà dáadáa? Baálé rẹ ńkọ́? Gbogbo wa wà ní àlàáfíà níbí.

Ohùn rẹ tí mo gbọ́ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. O ní bí o bá jí láàárọ̀, ọrùn rẹ kì í yí sí apá òsì, àfi kí o yí gbogbo ara bí ẹni tó ru omi. O ní èjìká ọ̀tún náà ń ro ọ́ títí o fi máa dé ibi iṣẹ́. Nígbà tí mo bi ọ́ bí o ṣe ń sùn, o ní bó o ti ń sùn látijọ́ náà ni: o dojú bolẹ̀, o kọ ojú sí apá kan, o ki ọwọ́ kan bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Mo rántí dáadáa. Nígbà tí a wà nílé ìwé, bí a bá fẹ́ jí ọ, ìpàkọ́ rẹ nìkan la máa ń rí. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ gùn ju ọ̀rọ̀ orí fóònù lọ, ìyẹn ni mo ṣe mú bírò.

Èmi náà jẹ ìyà yìí lọ́dún tó kọjá. O mọ bí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣe máa ń rí ní Ìjẹ̀bú-Òde bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo régbérégbé ló sì fẹ́ kí aṣọ ẹgbẹ́ àwọn pé kí ọjọ́ náà tó pé. Mo tẹ orí mọ́ maṣíìnì láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí ọdún lọ tán tí iṣẹ́ dín kù, mo rò pé èjìká ọ̀tún tó ń dùn mí yóò sinmi. Kò sinmi. Ó tún wá ń le sí i lóru. Bí ó bá di nǹkan bí aago mẹ́ta, èjìká á jí mi, ọwọ́ á ti kú, mo sì ní láti gbọn ọwọ́ náà kí ó tó jí. Mo fi róòbù pa á, mo lo oògùn ìrora. Ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Arábìnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ló là mí lójú. Lẹ́yìn tó ti yẹ èjìká náà wò tán, kò sọ̀rọ̀ maṣíìnì mọ́. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n fi ń yẹ aláìsàn wò gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń sùn nílé. Mo fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó bọ́ sẹ́yìn mi, ó fi fóònù mi ya fọ́tò, ó sì fi hàn mí. Eegun ẹ̀yìn mi tọ́ láti ìdí dé èjìká, àmọ́ nígbà tó dé ọrùn, ó ṣẹ́ kọ́rọ́ sókè bí ẹ̀ka igi. Ó ní, "Bí o ṣe ń tẹ ọrùn fún wákàtí mẹ́fà, méje, lálaalẹ́ nìyẹn."

Àlàyé rẹ̀ rọrùn. Bí èèyàn bá fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, èjìká ló máa kọ́kọ́ kan bẹ́ẹ̀dì, orí á sì wà lófurufú. Àlàfo kan wà láàárín etí àti bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ ìrọ̀rí ni láti dí àlàfo yẹn gẹ́lẹ́, kí orí má re ìsàlẹ̀, kí ó má sì re òkè. Bí àlàfo náà ṣe tóbi tó yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, ó sì yàtọ̀ bí èèyàn bá yí ara padà. Ìdí nìyẹn tí ìrọ̀rí tó dára fún ẹni tó fi ẹ̀gbẹ́ sùn fi lè ba ọrùn ẹni tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ jẹ́.

Èmi aránṣọ, tépù ò jìnnà sí mi. Nígbà tí mo délé, mo dúró, mo fi èjìká ti ògiri, mo gbé orí ṣánṣán, ọmọ mi sì wọ̀n ọ́n láti etí dé ògiri. Ínǹṣì 5 àti ààbọ̀ ni. Àmọ́ fóòmù kì í le bí ògiri, èjìká máa ń rì sínú rẹ̀. Fóòmù tèmi le díẹ̀, èjìká mi rì wọ inú rẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì kan àti ààbọ̀. Ohun tó kù fún ìrọ̀rí láti dí wá jẹ́ ínǹṣì 4. Ìrọ̀rí méjì tí mo ń lò, èyí tí wọ́n fi òwú àràbà kún, ga tó ínǹṣì 6 pẹ̀lú orí mi lórí wọn. Ẹyọ kan péré, nígbà tí orí tẹ̀ ẹ́ tán, kò ju ínǹṣì 2 àti ààbọ̀ lọ. Méjì ga jù, ọ̀kan kéré jù. Mo mú táwẹ̀lì kan, mo ṣẹ́ ẹ po títí ó fi nípọn tó ínǹṣì kan àti ààbọ̀, mo sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí kan. Ọmọ mi tún ya fọ́tò láti ẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlà náà tọ́ láti ìdí títí dé àárín orí.

Jọ̀ọ́, má ṣe lo ìwọ̀n tèmi. Ìwọ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀dì yín rọ̀ bíi àkàsù ẹ̀kọ gbígbóná. Bó bá rọ̀ tó bẹ́ẹ̀, èjìká rẹ á rì jìnnà, àlàfo á kéré, ìrọ̀rí tó tẹ́ díẹ̀ ni wàá nílò. Wọ̀n ọ́n, kí o sì ní kí baálé rẹ ya fọ́tò.

Ara rẹ náà á máa sọ fún ọ. Bí o bá jí tí o rí i pé o ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó ṣeé ṣe kí ìrọ̀rí náà kéré, kí ara máa wá ohun tí yóò fi kún un. Bí ó bá jẹ́ pé apá òkè ọrùn, ìyẹn apá tí kò kan bẹ́ẹ̀dì, ló ń ro ọ́ láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìrọ̀rí ga jù. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe: orí àti ọrùn nìkan ni kí ó wà lórí ìrọ̀rí. Fa etí ìrọ̀rí wọ inú kòtò tó wà láàárín ọrùn àti èjìká, má ṣe gbé èjìká lé e.

Ó wá ku èjìká tó ń dùn. Arábìnrin náà ní kí n má fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn mọ́ títí yóò fi rọlẹ̀. Mo bá yí sí òsì, ó sì tún ń dùn mí! Nígbà tí mo padà lọ, ó ní ọwọ́ ọ̀tún tó wà lókè ni mo jẹ́ kí ó wó lulẹ̀ síwájú, ìwúwo apá náà ló sì ń fa èjìká láti ẹ̀yìn ní gbogbo òru. Ó ní kí n dì mọ́ ìrọ̀rí kan ní àyà, kí ó nípọn tó tí ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ á fi wà lórí rẹ̀ pa pọ̀, ní ọgbọọgba pẹ̀lú èjìká. Bí o bá gbé ìgbọ̀nwọ́ nìkan lé e, tí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀, kò tíì tó. Mo tún fi òmíràn sẹ́yìn mi kí n má baà yí padà sórí èyí tó ń dùn nínú oorun. Ọ̀kan tín-ín-rín sáàárín orúnkún méjèèjì, kí ìbàdí má baà lọ́.

Bí o bá fẹ́ fi ẹ̀yìn lélẹ̀, àlàfo náà kéré gan-an, abẹ́ ọrùn ló sì wà. Ìrọ̀rí tẹ́ẹ́rẹ́ fún orí, táwẹ̀lì kékeré tí o ká bí ẹni ká ẹní sí abẹ́ ọrùn, nínú àpò ìrọ̀rí kan náà. Bí àgbọ̀n rẹ bá ń wo àyà, ó ga jù. Bí ó bá ń wo àjà, ó kéré. Ṣẹ́ aṣọ kan sábẹ́ apá tó ń dùn, láti èjìká dé ìgbọ̀nwọ́, kí ìgbọ̀nwọ́ má rì sẹ́yìn. Ìrọ̀rí kan sábẹ́ orúnkún. Àmọ́ tí ìwọ bá ń hanrun tí èémí rẹ sì máa ń dá dúró lójú oorun, ẹ̀gbẹ́ ló dára jù fún ọ.

Ní ti ìdojúbolẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, òun gan-an ni mo fura sí. Ẹni tó bá dojú bolẹ̀ kò lè mí bí kò bá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọrùn á sì wà ní yíyí dé òpin fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọwọ́ tí o gbé sókè sábẹ́ ìrọ̀rí sì ń fún iṣan inú èjìká. Mo mọ̀ pé kò ní ṣeé fi sílẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ohun tó máa ń rọrùn jù ni kí o wá ìrọ̀rí gígùn, kí o tẹ́ ẹ láti àyà dé orúnkún, kí o fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí o sì fi ara tì í díẹ̀, orúnkún òkè lórí rẹ̀. Ikùn rẹ á rí ohun tí ó fara tì, ọkàn rẹ á sì gbà pé o dojú bolẹ̀. Bí o bá ṣì yí padà lóru, kí ìrọ̀rí orí tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kí ó má sí rárá, kí o sì ti ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ikùn títí dé ìbàdí kí ẹ̀yìn má baà tẹ̀ wọlé.

Má retí àyípadà ní alẹ́ kìíní. Tèmi gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó sùn mọ́jú, fún alẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ mi ò tiẹ̀ rí oorun tó dára. Èjìká náà ò sì tíì lọ tán, nítorí mo ṣì ń ránṣọ. Ó kàn jẹ́ pé kò jí mi mọ́ ni.

Ṣùgbọ́n tí ọwọ́ bá ń kú tí kò sì jí lẹ́yìn tí o bá dìde, tí ife bá ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ, tí ìrora bá ń sáré láti ọrùn lọ sí ìka, tàbí tó jẹ́ pé ìṣubú ló fà á, má dúró de ìrọ̀rí, lọ rí dókítà. Bí ibà àti orí fífọ́ bá bá ọrùn gbígan, tàbí tí àyà bá ń fún ọ pẹ̀lú èjìká, ọjọ́ náà gan-an ni kí o lọ.

Mo ti rán àpò ìrọ̀rí méjì fún ọ, aṣọ àdìrẹ ni. Mo rán àpò kékeré kan sínú etí ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí táwẹ̀lì kíká náà máa wọ̀, kí ó má baà yọ́ lọ lóru. Àbúrò ọkọ rẹ tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ló máa mú un wá, pẹ̀lú gààrí díẹ̀. Fi fọ́tò náà ránṣẹ́ kí ó tó dé, kí n wo bí ọrùn rẹ ṣe ń lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Aránṣọ