Ìkéde fún ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ, Adó-Èkìtì: Ẹ ka àdírẹ́sì ímeèlì ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ímeèlì kan wọlé sí ọ̀kan nínú wa, ó ní Microsoft ló kọ ọ́. Ẹ má gba orúkọ tó wà lókè gbọ́, ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí tó wù ú síbẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà kí àdírẹ́sì gan-an yọ, kí ẹ wá ka ohun tó tẹ̀lé @. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni `rnicrosoft.com`: "r" àti "n" ló fara mọ́ra bí "m". Lórí fóònù, ojú kì í tètè rí i.

Bí línkì bá wà níbẹ̀, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àdírẹ́sì rẹ̀ yóò fi hàn, ẹ má ṣí i, kí ẹ kà á bákan náà.