Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: Ìwé máàkì tí ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ yóò fi dánra wò

Ìjẹ̀bú-Òde

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Inú mi dùn pé wọ́n ti pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò orí fídíò fún iṣẹ́ sítọ́kípà ní Ṣàgámù, àti pé ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti gbà láti kọ́kọ́ bi ọ́ ní ìbéèrè. Àmọ́ o ní ẹ kàn máa sọ̀rọ̀ ni, kó wá sọ bó ṣe rí fún ọ. Ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn rẹ, "o gbìyànjú" ni yóò sọ. Nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì tó ń gba òṣìṣẹ́, ìwé máàkì ni kì í jẹ́ ká ṣe ojúsàájú. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín.

Fa ìlà sí abala ìwé kan, kí ọ̀rẹ́ rẹ náà ṣe irú rẹ̀. Kọ ìbéèrè mẹ́rin sí apá òsì, kí o sì fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu rẹ jáde gan-an, ọ̀kan fún máàkì, ọ̀kan fún ohun kan ṣoṣo tí o máa tún ṣe. Ti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni kó fẹ̀ jù. Máàkì tí kò bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fagi lé e.

Ẹ kọ ìtumọ̀ máàkì, láti 1 dé 5, sí ìsàlẹ̀ ìwé náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa di 4. Ẹni tó gba 1 sọ ohun tó yẹ kéèyàn ṣe, kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ẹni tó gba 3 sọ ìṣẹ̀lẹ̀ kan àti ohun tó ṣe, àmọ́ a kò mọ ibi tó já sí. Ẹni tó gba 5 sọ ìṣẹ̀lẹ̀, a rí ipa tirẹ̀ níbẹ̀, a sì gbọ́ àbájáde. Ohun tó bá bọ́ sáàárín ni 2 àti 4.

Ìbéèrè kan wà tí mo rò pé wọ́n máa bi ọ́: "Sọ ìgbà kan tí ọjà tó wà nílẹ̀ kò bá ti inú ìwé mu." O ní ìtàn fún un, láti ìgbà tí o ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ tọ́jú ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àjẹ. Ká ní o sọ pé: "A rí i pé páálí tòmátò kò pé, a wá a, a sì yanjú ẹ̀." Máàkì 2 nìyẹn. Ìṣẹ̀lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ta ló wá a? Ẹ̀kọ́ ilé ló ń mú ọ sọ "a", n kò sì bá ọ wí, àmọ́ ìwọ nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Sọ ọ́ báyìí: "Páálí 12 ló dín. Mo fi ìwé tí dírẹ́bà gbé ọjà wá wé ìwé wa, mo rí i pé a ti kọ ẹrù ọjọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún un kọ, mo fi han ọ̀gá mi. Láti ìgbà náà, èèyàn méjì ló ń fọwọ́ síwèé kí ọjà tó wọlé." 5 nìyẹn, ìtàn kan náà sì ni.

Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40, nítorí náà ẹ fi nǹkan bí 25 ṣe ìbéèrè. Gbàrà tí o bá dáhùn ọ̀kan ni kí ọ̀rẹ́ rẹ ti kọ máàkì rẹ̀, kó tó bi òmíràn. Ìwọ dákẹ́ dè é. Tó bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ parí, ìdáhùn kan tó dùn mọ́ ọn yóò gbé máàkì àwọn yòókù ga. Kó má mirí, kó má fi ọ̀rọ̀ sí ọ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ìpè. Fún ara rẹ ní máàkì kí o tó rí tirẹ̀, kí ẹ wá pàdé lórí WhatsApp. Ibi tí máàkì yín bá ti fi 2 jìnnà síra ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Bí o bá fún ara rẹ ní 4 tó sì fún ọ ní 2, kó ka ọ̀rọ̀ tó kọ sílẹ̀ sí ọ létí. Ẹ má jiyàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìmọ́lẹ̀, ohùn àti kámẹ́rà kò ní máàkì o: "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni kó kọ sí wọn. Mo yà wọ́n sọ́tọ̀ torí àwòrán tó mọ́ kedere lè mú un gbàgbé pé ìdáhùn rẹ ṣófo. Kọjú sí fèrèsé, gbé fóònù sókè kó bá ojú rẹ dọ́gba, kí o sì yan "Hide Self View" kí o má baà máa wo ara rẹ. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá gé ìbéèrè, ní kó tún un sọ, má méfò.

Ìbéèrè tó bá gba 3 sísàlẹ̀ nìkan ni kí ẹ tún ṣe lọ́jọ́ kejì, kó yí bó ṣe bi í padà kí o má baà há ìdáhùn sórí. Òun náà ni kó tún fún ọ ní máàkì, nítorí 3 tirẹ̀ lè jẹ́ 4 lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kò sì mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ń wá. Ohun tí ìwé yìí lè sọ kò ju pé bóyá ìdáhùn rẹ ti yé èèyàn sí i.

Tí ẹ bá ṣe tán, ya fọ́tò ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo fẹ́ kà, kí n tó wo máàkì.

Èmi ni,
Ìyá rẹ