Bísí, ọ̀rọ̀ intafíù Dámi ni o

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Manchester? Bàbá Tèmi ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àárò ẹ ń sọ mí gan-an, pàápàá tí mo bá gba Ìtòkú kọjá. Ọmọ Ìyá Ṣọlá ti bímọ, ìbejì ni, òjò ò sì jẹ́ ká gbádùn títì Lafẹ́nwá mọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Dámi ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé yìí, wọ́n ti pè é fún intafíù! Iṣẹ́ stọ́kípà ni, nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, Túsìdeè tó ń bọ̀, èèyàn mẹ́ta ló máa wà lórí pánẹ́ẹ̀lì.

Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. O kúkú mọ Dámi, o sì mọ ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà. Lálẹ́ àná mo ní kó ṣe bí ẹni ń wọlé bọ̀, ló bá ṣílẹ̀kùn, ó gbé fáìlì sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bísí, mi ò rẹ́rìn-ín o, ẹ̀kọ́ ilé ni. Àmọ́ èmi náà máa ń jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn níbi iṣẹ́ wa, mo mọ̀ pé tẹ́nì kan bá dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, ara máa ń ni àwọn kan nínú wa, ẹlòmíì á sì rò pé ṣe ló ń bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Mo ní kó tẹrí ba díẹ̀, kó kí gbogbo wọn pọ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà," kó wojú wọn látorí ẹni àkọ́kọ́ dórí ẹni tó gbẹ̀yìn. Kó má ṣe máa wá alága kiri láti kí i lọ́tọ̀, torí alága kì í fìgbà gbogbo jókòó sáàárín. Tó bá bá ẹni tó mọ̀ níbẹ̀ pàápàá, bó ṣe kí àwọn tó kù ni kó kí i. Kó má kọ́kọ́ nawọ́, tí wọ́n bá na tiwọn kó bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Kó dúró ti àga títí wọ́n á fi ní kó jókòó, tí wọ́n bá gbàgbé, kó bi wọ́n jẹ́jẹ́, "Ṣé kí n jókòó sà?" Òyìnbó ni wọ́n máa sọ níbẹ̀ o, Yorùbá ni mo fi ń kọ ọ́ sí ẹ.

Ìkíni gan-an rọrùn, ìṣẹ́jú kan tó tẹ̀ lé e ló ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n á ní kó sọ nípa ara ẹ̀, Dámi á sì bẹ̀rẹ̀ látorí prámárì, kó tó dé MAPOLY, àwọn pánẹ́ẹ̀lì ti sọjú kalẹ̀ sínú sífíì ẹ̀, alága ti ń la ẹnu bí ẹni fẹ́ dá sí i. Téèyàn bá ti rí ìyẹn, kó yáa kó ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Sífíì ti wà níwájú wọn, ohun tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Mo ní kó sọ orúkọ ẹ̀, kó ní akáúntì lòun kà, kó wá fa ìtàn ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì tó ti ṣiṣẹ́ yọ, bí iye báàgì tó wà nínú ìwé ò ṣe bá èyí tó wà nílẹ̀ mu, tó fi ṣe káàdì fún ìtò kọ̀ọ̀kan, tó ń kọ èyí tó wọlé àtèyí tó jáde síbẹ̀, tó sì ń ka gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, títí tó fi rí i pé àwọn báàgì tó ya ni wọ́n ń kà mọ́ èyí tó pé. Oúnjẹ adìyẹ náà, inú báàgì ló ń wà, àwọn yẹn á tètè rí ohun tó ń sọ.

Tó bá wá parí, kó má kàn ní "ó tán." Ṣe ni gbogbo ilé á dákẹ́ lọ gbári. Kó má sì ní "ẹ bi mí ní ohunkóhun tó bá wù yín," ìyẹn dà bí ìhàlẹ̀. Èyí tá a jọ kọ sílẹ̀ ni, "Tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo lè ṣàlàyé bí mo ṣe ń ṣe káàdì yẹn. Mo ti ṣetán fún ìbéèrè yín." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ ti bọ́ sí i lẹ́nu. Òótọ́ ni pé pánẹ́ẹ̀lì míì ní ìbéèrè tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tí wọ́n ń fún ní máàkì, wọn ò ní ya ọ̀dọ̀ káàdì rárá. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ kó má bọ́hùn, kó dáhùn èyí tí wọ́n bi í, ìtàn káàdì yẹn á ṣì wúlò níwájú.

Bísí, ó ti ṣe é fún mi títí, àmọ́ ojú mi ti mọ́ ọn lára, ẹ̀rín ló ń rín sí mi. Jọ̀ọ́, ṣé ìwọ, Bàbá Tèmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ lè jókòó fún un lórí fídíò Wásáàpù lálẹ́ Sọ́ńdè? Kò mọ Bàbá Tèmi dáadáa, ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí i o, tó bá ti kí yín tán, kí ẹ̀yin náà ní kó sọ nípa ara ẹ̀, kó o wá fi fóònù ka ìṣẹ́jú. Aago mẹ́jọ dáa fún wa, dátà ti wà nílẹ̀. Fèsì kíá kí n lè sọ fún un.

Èmi ni,
Fúnkẹ́