Ọlákìítán, má jẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ di Tán

Ọlákìítán ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà níbí n'Ìkẹ́rẹ́, bàbá ẹ ń kí ẹ, ìyá àgbà ní kí n sọ fún ẹ pé ulé ò dùn mọ́ látìgbà tóo ti padà sí bọ́ọ̀dìn (bó ṣe pè é nìyẹn o, ulé, ó lóun ò ní pè é ní ilé títí ayé). Gààrí tóo ní kí n fi ránṣẹ́, ó ti wà nílẹ̀, ó ku kí n rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà ọ̀hún. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi látọjọ́ fisítìn, mi ò fẹ́ sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ ni mi ò ṣe sọ nǹkan kan.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ni mo gbọ́ tí ọmọ kan ké láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, "Tán! Tán! Mọ́mì ẹ ti dé o!" Mo ń wò ó pé ta ni wọ́n ń pè ní Tán, àfi bó ṣe jẹ́ pé ìwọ lo sáré jáde. Kì í ṣe pé wọ́n gé orúkọ ẹ ló ká mi lára, ibi tí wọ́n ti gé e ni. Ọlá kì í tán la sọ ẹ́, a ní ọlá ilé yìí kò ní parí láé, wọ́n wá yọ ọlá dànù, wọ́n yọ kì í dànù, èyí tó kù ni tán, ìyẹn ni pé ohun tá a ní kò ní ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ń kí ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Mo mọ bí nǹkan yìí ṣe ń rí torí ó ti ṣe èmi náà rí. Mojísọ́lá lorúkọ mi, mo jí sí ọlá. Nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì wọ́n gé e kù sí Mojí, mi ò sì rò ó sí nǹkan kan, títí ọjọ́ tí bírò tíṣà wa kan sọnù, ó wá béèrè ní kíláàsì pé ta ló jí bírò òun, gbogbo kíláàsì wá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé "Mo jí!" Jí tojú oorun àti jí tolè, ohùn kan náà ni wọ́n ní, kò sí bí mo ṣe lè fi ohùn gba ara mi sílẹ̀. Odidi táàmù méjì ni wọ́n fi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Tìẹ tiẹ̀ sàn díẹ̀, torí tìẹ ṣì ṣeé tún ṣe.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gé orúkọ ẹ o. Àwa Yorùbá náà ń gé orúkọ, ta ló máa ń pe Babátúndé tán pátápátá tó bá ń kánjú. Ibi tó yẹ kéèyàn gé e ni kó mọ̀. Orúkọ ẹ, ọ̀nà méjì ló pín sí, Ọlá wà lápá kan, kì í tán wà lápá kejì. Ẹni tó bá fẹ́ kúrú rẹ̀ kó mú Ọlá, ó nítumọ̀, ó dúró fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ Kìítán náà kò burú, ọ̀rọ̀ ìkọ̀ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya kì í kúrò lára tán. Èyí ni kóo sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ, "ẹ mú Ọlá tàbí kẹ́ẹ mú Kìítán, Tán kì í ṣorúkọ mi," kóo sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, àmọ́ tí wọ́n bá tún pe Tán, má dáhùn. Tóo bá ń dáhùn ní Mọ́ńdè tóo ń bínú ní Túsìdeè, wọn ò ní mọ èyí tóo fẹ́.

Tàwọn tíṣà ló tún le jù, torí àwọn ò gé e, wọ́n kàn ń gbé ohùn ẹ̀ gba ibòmíì ni. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe pè ẹ́ nígbà tí wọ́n ń yẹ orúkọ wò lọ́jọ́ yẹn. Olakitan ni wọ́n tẹ̀ sínú rẹ́jísítà, kò sí àmì kankan, í kejì tó wà nínú kìí pàápàá ti bọ́ lọ. Ẹni tó bá wá fojú Gẹ̀ẹ́sì kà á, ibì kan ṣoṣo ló máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, lá yẹn ló sì máa ń jẹ́, gbogbo èyí tó bá kù lẹ́yìn ẹ̀ á wá máa já bọ́ lọ sísàlẹ̀. Ó tún wá jẹ́ pé ẹni tó ń ka rẹ́jísítà máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ níparí orúkọ kọ̀ọ̀kan kó lè bọ́ sórí èyí tó kàn. Bí tán ṣe di tàn nìyẹn, Ọlákìtàn. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá tó gbọ́ kìtàn yẹn, ààkìtàn ló máa wá sí i lọ́kàn, ibi tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí!

Má rò pé ìwọ nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún o. Orúkọ ìpínlẹ̀ wa gan-an, Èkìtì, dò dò dò ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àmọ́ gbọ́ bí àwọn tó ń ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é, wọ́n á gbé àárín sókè, Ekíti, bíi pé ẹnì kan gún wọn lábẹ́rẹ́ níbẹ̀.

Ó dáa, báwo lo ṣe máa kọ́ wọn? Ìyá ẹ ti kọ́ ọmọ pírámárì ní Yorùbá tipẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Má bẹ̀rẹ̀ síí ṣàlàyé àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ fún wọn, ojú wọn á kàn máa wò ẹ́ ni. Orin ni kóo kọ́kọ́ kọ, pa ẹnu dé kóo kùn ún ní imú, re mí dò mí mí. Gbọ́ ọ lọ́kàn ẹ: Ọ wà láàárín, lá gòkè, kì já sísàlẹ̀, í gùn padà, tán jókòó sókè níbi tí í gùn dé. Kòtò kan ṣoṣo ló wà nínú orúkọ ẹ, ẹnu kì ló wà. Jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mejì sí mẹ́ta kóo tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà kóo kọ́ wọn ní kìítán nìkan, tó bá ti wọlé, kóo wá fi Ọlá sí iwájú ẹ̀. Tí èèyàn bá gbìyànjú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iwájú á dáa, ẹ̀yìn á bàjẹ́.

Fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ ará Èkó yẹn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé, iyán ni kóo fi kọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó wà ní Èkìtì tí kò mọ iyán. Kí wọ́n pe iyán, kí wọ́n sì gbọ́ bí ẹnu ṣe gòkè ní ìparí ẹ̀, bí tán ṣe gbọ́dọ̀ parí náà nìyẹn. Sọ fún wọn pé tí wọ́n bá jẹ́ kó já bọ́, ìyàn ni wọ́n pè, ebi ló sì wà níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní gbàgbé.

Fáwọn tíṣà tí kì í ṣe Yorùbá, má rò pé wọn ò lè ṣe é. Èdè tọ̀pọ̀ nínú wọn náà lohùn, Igbo lohùn, Tífù lohùn, Haúsá lohùn, ó kàn jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń mú dání tí wọ́n bá rí orúkọ lórí ìwé. Ṣóo rántí pé mo bá olùtọ́jú họ́sítẹ́ẹ̀lì yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Anambra ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀, díẹ̀díẹ̀ tí mo gbọ́ nínú èdè Igbo wọn ni mo lò. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń pe ẹyin?" Wọ́n ní àkwá. Mo ní aṣọ ńkọ́? Wọ́n ní ákwà. Mo ní ẹ ò rí nǹkan, lẹ́tà kan náà, ohùn ló yà wọ́n, kìí tó wà nínú orúkọ ọmọ mi, bíi ẹyin ló ṣe ń lọ, kì í ṣe bíi aṣọ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè é, wọ́n rẹ́rìn-ín dà á rú. Ẹ̀ẹ̀kejì, kìí bọ́ sí i pérépéré àmọ́ tán já. Mo ní kí wọ́n ṣe bíi pé ọ̀nà jínjìn lẹni tí wọ́n ń pè wà, kí wọ́n má sọ ohùn kalẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ sí i! Àfi Ọ tó wà níwájú, ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, torí Igbo kò ní ohùn àárín bíi tiwa, òkè àti ìsàlẹ̀ ló ní. Ó wá fẹ́ dún létí mi bíi ọ̀la kì í tán, bíi pé ọjọ́ iwájú ni kò ní parí. Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà, tí tíṣà bá ti gbé kìítán gùn dáadáa, má fi Ọ yọ wọ́n lẹ́nu.

Má tún tíṣà ṣe níwájú kíláàsì o, ìyẹn kò dáa. Tí kíláàsì bá parí, lọ bá wọn, kúnlẹ̀ díẹ̀, kóo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ mi le díẹ̀, ṣé kí n pè é fún yín lẹ́ẹ̀kan?" Pè é jẹ́jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, má gbé ohùn sókè bí ẹni ń béèrè ìbéèrè, torí wọ́n á kàn ṣàfarawé ìbéèrè yẹn ni. Kóo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ bó ṣe yẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú rẹ́jísítà tí wọ́n bá gbà fún ẹ, Ọlákìítán, í méjì, kóo rí i pé àmì wà lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá pè é dáadáa lójú ẹ, má tíì yọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nǹkan lè tún un sọ bí ẹyẹ ayékòótọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ń yẹ orúkọ wò lo máa mọ̀, fetí sí ìparí ẹ̀ nìkan. Tó bá já, padà lọ. Tó bá tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí kò bọ́ sí i, ní kí wọ́n máa pe Ọlá, ó yá wọn lẹ́nu ju kí wọ́n máa pe ààkìtàn lọ jàre.

Màá pè lórí fóònù olùtọ́jú yín ní Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Tí wọ́n bá ti gbé e, má sáré wá, jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn pè ẹ́ látòkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kémi náà tí mo wà n'Ìkẹ́rẹ́ gbọ́ ibi tí tán yẹn parí sí.

Èmi ni mọ́mì ẹ,
Mojísọ́lá